Bùtíkì kékeré: èló ló kù lọ́wọ́?

Lónìí, a óò ṣírò owó tí ènìyàn ń ná kí ó tó ṣí bùtíkì. Ẹ mú ìwé àti bíìkì yín, kí a jọ kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ó ti kó 300.000 faranki jọ. Ó fẹ́ máa ta ìrẹsì, òróró àti ọṣẹ. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí a óò kà yìí. Kí olúkúlùkù fi iye tó wà ní ọjà tirẹ̀ rọ́pò wọn.

1. Owó tí ilé bùtíkì jẹ

Owó ilé oṣù 6, tí onílé gbà ṣáájú: 30.000
Pákó pẹpẹ àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà: 45.000
Tábìlì ìtajà: 20.000
Àtúnṣe ilẹ̀kùn àti àgádágodo: 8.000
Fìtílà àti ohun ìwọnjà: 7.000
Owó ọkọ̀ tó kó pákó: 5.000
Àpapọ̀: 115.000

Owó yìí ti wọlé sínú igi àti ilé. A kì í ta pẹpẹ bí a ti ń ta ọṣẹ. Nítorí náà, kí a má kà á mọ́ owó tí a óò fi ra ọjà.

2. Owó ọjà àkọ́kọ́

Ìrẹsì àpò 2: 50.000
Òróró bídọ́ọ̀nù 1: 25.000
Ọṣẹ páálí 3: 24.000
Ṣúgà, iyọ̀, tòmátò alágolo, ìṣáná: 31.000
Owó ọkọ̀ àti alárù: 8.000
Àpapọ̀: 138.000

Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé owó ọkọ̀ àti ti alárù. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ara iye tí a ra ọjà ni.

3. Owó tó kù

115.000 àti 138.000 jẹ́ 253.000. Yọ ọ́ kúrò nínú 300.000, ó ku 47.000. Èyí ni à ń pè ní owó ọwọ́. Òun ni a óò fi máa kún owó ọjà nígbà tí a bá fẹ́ rà mìíràn.

Ṣé 47.000 tó? Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ìrẹsì àti òróró ni ó ń tètè tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, wọ́n ti tán. Ó ta gbogbo wọn ní 84.000. Ṣùgbọ́n ìkórè kò tíì dé, àwọn ará abúlé sì ra 24.000 nínú rẹ̀ láwìn. Owó tó wọlé jẹ́ 60.000 péré.

Láti ra ìrẹsì àti òróró náà padà, 75.000 ni, owó ọkọ̀ 5.000. Ó di 80.000. Ó kù 20.000 kí owó tó pé. Ó yọ ọ́ nínú owó ọwọ́, ó ku 27.000.

Bí ó bá tún ta 24.000 láwìn lẹ́ẹ̀kejì, tí ti àkọ́kọ́ kò tíì wọlé, ó ku 7.000. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó nílò 20.000, 7.000 ló ní. Kò lè ra ọjà náà pé mọ́. Ẹ wò ó o: lórí ìwé, ó ń jèrè 4.000 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ pẹpẹ ṣófo, nítorí pé owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Kí ni kí ó ṣe? Kí ó fi òpin sí àwìn. Kí gbèsè gbogbo ènìyàn lápapọ̀ má kọjá 24.000. Ẹni tí kò bá san ti àná, kò gba ti òní. Nígbà náà, 84.000 yóò wọlé lẹ́ẹ̀kejì, yóò ra ọjà ní 80.000, owó ọwọ́ rẹ̀ yóò sì di 31.000.

Ohun mìíràn tún wà. Ká ní ó fẹ́ kí bùtíkì náà dára sí i, tí ó fi 40.000 kún un fún ọ̀dà àti gíláàsì, 7.000 ni ì bá kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwìn àkọ́kọ́ náà ni ì bá dá ọjà rẹ̀ dúró. Kí ó kọ́kọ́ lo pẹpẹ pákó. Èrè ni yóò kun ún lọ́dà bó bá yá.

Kí ó má sì gbàgbé onílé. Oṣù 6 kò pẹ́ kó tó pé. Kí ó máa yọ 5.000 sọ́tọ̀ lóṣooṣù láti inú èrè, kì í ṣe láti inú owó ọwọ́.

Ìdánwò: Bí onílé bá gba owó oṣù 12 dípò 6, èló ni yóò kù lọ́wọ́ obìnrin yìí lẹ́yìn ọjà àkọ́kọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó lè ta 24.000 láwìn kí owó ọwọ́ rẹ̀ tó tán? Ẹ ṣe é sínú ìwé yín, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.