Kọ́kọ́rọ́ Máṣíìnì Kì Í Ṣe Àgádágodo

Fóìsì kìíní

Akọ̀wé wa ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn máṣíìnì tí wọ́n ń jí gbé lọ́wọ́ wa yìí, nítorí pé èmi ni mo ń ta páátì máṣíìnì níbí ní Sábọ́n Gàrí, Kánò, àti nítorí pé wọ́n ti jí tèmi náà rí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo gbé Bọ́sà mi lọ kírun. Mo gbé e sábẹ́ igi dóńgóyárò kan lẹ́bàá títì, mo yí ọwọ́ rẹ̀ sápá òsì, mo tì í, mo yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí a kírun tán tí mo jáde, ibi tí mo gbé e sí ti ṣófo. Ohun tí mo rí nílẹ̀ kò ju irin kékeré kan lọ, kò tó orí ìka ọwọ́ mi. Mo mú un, mo wò ó, mo sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, torí pé èmi gan-an ni mo ń tà á. Pínnì lọ́ọ̀kì ọwọ́ ni. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ gbọ́ bí lọ́ọ̀kì ọwọ́ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé. Tí ẹ bá yí ọwọ́ máṣíìnì dópin, tí ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ wọlé tí ẹ sì yí i, irin kékeré kan á yọ jáde, á wọ inú ihò kan ní ọrùn máṣíìnì. Irin kan ṣoṣo yẹn ló dá ọwọ́ náà dúró. Ọwọ́ máṣíìnì sì gùn, ó dà bí ọ̀pá tí a fi ń ṣí nǹkan. Ọkùnrin tó lágbára tó bá dì í mú ní ìkángun méjèèjì, tó fi gbogbo ara já a, á ṣẹ́ irin náà. Kò gba àkókò, kò sì pariwo.

Nítorí náà, ṣé kí a má tì í mọ́ ni? Rárá o. Ẹ máa tì í nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ omi inú ọ̀rá lẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ rà. Ẹni tí kò gbèrò olè tẹ́lẹ̀ tó kàn rí ọwọ́ máṣíìnì tó ń mì, á tì í lọ wẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n tì, ó ní láti jà á kó tó lọ, àwọn èèyàn á sì rí i. Ìdíwọ́ ìṣẹ́jú kan ni lọ́ọ̀kì ọwọ́. Kì í ṣe ìṣọ́ ọjọ́ kan.

Mo fẹ́ kí ẹ dán nǹkan mẹ́ta wò lónìí. Èkíní, tí ẹ bá ti tì í tán, ẹ di ọwọ́ náà mú, ẹ fà á sápá ọ̀tún. Tó bá yí, pínnì kò wọ ihò ni. Ẹruku ọyẹ́ tiwa níhìn-ín máa ń dí i. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i, torí pé ọ́ìlì á tún fa ẹruku mọ́ra. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsùlù ra ara kọ́kọ́rọ́ dáadáa, kí ẹ tì í bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Dúdú pẹ́ńsùlù yẹn máa ń jẹ́ kó yọ̀. Èkejì, ẹ tan máṣíìnì, kí ẹ gbìyànjú láti yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá yọ, inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ̀kẹta, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì aládùúgbò yín sínú tiyín. Tó bá ṣí i, kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni náà lè ṣí i nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lódindi, àti èyí tó wà lẹ́nu táńkì.

Fóìsì kejì

Ẹ má bínú, oníbàárà kan ló wọlé. Mo ti dé.

Ó yẹ kí a wá sọ̀rọ̀ àgádágodo àti ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan ń bi mí bóyá kí àwọn ra lọ́ọ̀kì kékeré tí wọ́n ń fi há díísìkì iwájú. Tí Bọ́sà yín bá jẹ́ èyí tí bíréèkì iwájú rẹ̀ wà nínú agolo, kò ní díísìkì rárá, owó yín á kàn ṣòfò ni. Ẹ̀wọ̀n irin ló yẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n wo? Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, tí wọ́n fi ọ̀rá aláwọ̀ mèremère wọ̀ láṣọ, ẹ já ọ̀rá náà díẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Mo ti rí èyí tí irin inú rẹ̀ kò nípọn ju ìṣó lọ. Irin tó tó mìlímítà 10 ní ìpọn ni kí ẹ wá, bí ìka ọwọ́ tó kéré jù ni. Ẹ tún mú fáìlì irin tí àwọn wẹ́dà ń lò dání lọ sọ́jà. Ẹ fi ra ẹ̀wọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ra ẹsẹ̀ àgádágodo pẹ̀lú. Tí fáìlì bá jẹ ẹ́, tó sì ṣe ojú funfun, irin rírọ̀ ni, ayùn àti ọ̀pá ìgérin á gé e. Tí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ bíi pé ó ń ra gíláàsì, wọ́n ti fi iná mú un le. Oníṣòwò tó bá kọ̀ pé kí ẹ má rà á wò, ẹ máa lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àgádágodo tí èjìká rẹ̀ ga, tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ló dára, torí pé ẹnu ọ̀pá ìgérin kò ní ráyè wọ ibẹ̀.

N kò ní tàn yín, kò sí ẹ̀wọ̀n tí gíráńdà oníbátìrì kò lè gé. Ṣùgbọ́n gíráńdà ń pariwo, ó sì ń ta iná. Olè ọ̀sán kì í fẹ́ ìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa so ó nìyí. Ẹ má so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, torí pé nọ́ọ̀tì kan ni wọ́n á tú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ iwájú sílẹ̀ fún yín, wọ́n á kó ìyókù sínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Kí ẹ̀wọ̀n gba inú ríìmù kọjá, kó yí irin ara máṣíìnì ká, kó tún yí òpó tàbí irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ká. Tí kò bá sí òpó, ẹ so ti ẹ̀yin àti ti ẹnìkejì yín pọ̀, ẹ̀yìn kan mọ́ ẹ̀yìn kan. Máṣíìnì kan, èèyàn méjì á gbé e. Méjì tí wọ́n so pọ̀ kò ṣeé gbé rìn láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò rí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n náà sùn sílẹ̀. Tó bá fara kan ilẹ̀, wọ́n á fi òkúta ṣe abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi òòlù lù ú fọ́. Ẹ fà á le kó wà lókè, kó má sàáyè.

Ní ti ibi tí a ń gbé e sí, ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi ni kí a ṣọ́ra jù, nítorí olè mọ̀ pé ẹni tó wọlé lọ kírun tàbí jọ́sìn kò ní jáde kíá. Níbi tí wọ́n bá ti ń fúnni ní tálì, ẹ san owó tálì. Ẹ mú tálì náà sápò o, ẹ má fi í sínú máṣíìnì, torí pé ẹni tó bá rí i níbẹ̀ ti di olówó máṣíìnì nìyẹn.

Fóìsì kẹta

Èyí ni ọ̀rọ̀ tírákà. Tírákà kì í dáàbò bo máṣíìnì. Ó kàn ń sọ ibi tó wà lẹ́yìn tó ti lọ ni. Nítorí náà, ẹ ra ẹ̀wọ̀n kí ẹ tó rà á.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Kékeré kan wà tó ní mágínẹ́ẹ̀tì, tí kò ní wáyà, tí owó rẹ̀ kéré. Púpọ̀ nínú wọn kì í bá sàtẹ́láìtì sọ̀rọ̀, òpó fóònù ni wọ́n ń wò. Ó lè sọ pé máṣíìnì yín wà ní àdúgbò kan, kó sì jẹ́ pé ó wà ní ìkejì. Bátìrì rẹ̀ tún ń kú. Èyí tó ní wáyà, tí a so mọ́ bátìrì máṣíìnì, tó ń gba àmì sàtẹ́láìtì, ni kí ẹ rà. Ó ń lo síìmù. Tí dátà tàbí owó orí síìmù bá tán, òkú ni. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa fi owó sí i sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rẹ́ mi kan ra tirẹ̀, rẹ́wáyà sì so ó sábẹ́ ìjókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, torí pé ibẹ̀ ló rọrùn jù. Nígbà tí wọ́n jí máṣíìnì náà, àwòrán inú fóònù darí wa lọ síbi gọ́tà kan tí kò jìnnà sọ́jà. Tírákà nìkan la bá níbẹ̀. Ibi tó rọrùn fún rẹ́wáyà, ó rọrùn fún olè pẹ̀lú.

Tèmi tuntun wà lábẹ́ pílásítíìkì ìdí máṣíìnì. Ṣé ẹ rí i, sàtẹ́láìtì ń wo ilẹ̀ láti òkè, irin sì máa ń dí i lójú, ṣùgbọ́n pílásítíìkì kì í dí i. Mo ní kí wọ́n kọjú rẹ̀ sókè, kí wọ́n fi téèpù dúdú wé e mọ́ àwọn wáyà yòókù kó dà bí ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n sì fi fíúsì sójú wáyà pupa rẹ̀. Mo jókòó tì í títí tó fi parí, n kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo wá gbé máṣíìnì náà sílé mọ́jú, mo wo Google Maps láti ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ojú ilé mi gan-an ló tọ́ka sí. Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò yẹn lóṣooṣù. Tí ẹ bá ń rìnrìn àjò sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rántí pé ó ń mu bátìrì díẹ̀díẹ̀, bátìrì máṣíìnì kò sì tóbi. Kí ẹnìkan máa bá yín tàn án.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ló wúwo jù. Tí tírákà bá tọ́ka sílé kan, ẹ má dá lọ, ẹ má sì pariwo olè. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó wà lórí máṣíìnì náà fi owó rà á ni, kò mọ̀. Ariwo olè lójú ọjà lè pa èèyàn kí a tó bi í léèrè, àlejò la sì jẹ́ nílùú yìí. Ẹ má gbé àwòrán náà sínú gúrúùpù pàápàá. Ẹ mú rìsíìtì yín àti fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti ti ara máṣíìnì, ẹ lọ bá Sáríkín Yárábáwá tàbí Sáríkín Kásúwà, kí wọ́n bá yín dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tí kò bá ní fọ́tò nọ́ńbà méjèèjì yẹn, kó dìde nísinsìnyí, kó lọ yà á. Èmi kò ní i lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Nígbà tí ọlọ́pàá bi mí léèrè nọ́ńbà, ẹnu mi wọ̀, Bọ́sà náà kò sì padà wá mọ́.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi fóìsì ránṣẹ́, màá dáhùn lálẹ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù.