“Kọ̀ǹpútà mi ti háńgì”: èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó ń dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, torí ìbéèrè yẹn kì í tán lórí gúrúùpù wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì máa ń lò fún un: “Ó ti háńgì.” Ẹni tí Word rẹ̀ pa ara rẹ̀ dé á ní ó háńgì. Ẹni tí máòsì rẹ̀ ò mira mọ́ á ní ó háńgì. Ẹni tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ di búlúù, òun náà á ní ó háńgì. Bẹ́ẹ̀ nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ohun tó ń fa ọ̀kan kọ́ ló ń fa èkejì. Tí ẹ bá sọ “ó háńgì” lásán fún oníṣẹ́, ohun tó máa ń yá ọ̀pọ̀ nínú wọn lára ni kí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀. Owó á lọ, fáìlì yín lè bá a lọ, àìsàn náà sì lè má kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: kí ló ṣì ń ṣiṣẹ́?

Tí ètò kan ṣoṣo bá pa ara rẹ̀ dé, tí gbogbo nǹkan yòókù ń lọ déédéé, kíráàṣì nìyẹn. Inú ètò yẹn tàbí inú fáìlì tí ẹ ṣí ni kí ẹ ti wá ẹ̀sùn. Ẹ ṣí fáìlì mìíràn wò. Tí ìyẹn ò bá ṣe nǹkan kan, fáìlì àkọ́kọ́ ló bàjẹ́. Kò kan fọ́máàtì rárá.

Háńgì gan-an ni pé ètò náà ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò dá yín lóhùn. Ojú rẹ̀ á funfun díẹ̀, ẹ ó sì rí “Not Responding” lókè rẹ̀. Windows máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ tí ètò náà bá ti lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 5 láì dáhùn. Máòsì ṣì ń rìn, aago ìsàlẹ̀ ṣì ń lọ. Ètò náà ò tíì kú, ó ń dúró de nǹkan ni: bóyá fáìlì ńlá, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọn ò tàn, bóyá íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó pa á. Tó bá wá di pé gbogbo ètò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí. Tó bá dúró sí 100% fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí ẹ ò ṣe iṣẹ́ kankan tó wúwo, háàdì dísìkì yẹn lè máa rẹ̀. Ẹ tètè da fáìlì yín kọ síbòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Fíríìsì ló ń gba owó lọ́wọ́ wa jù. Gbogbo nǹkan ló dúró gbagidi níbẹ̀. Máòsì ò rìn, aago dúró, orin tó ń kọ á máa pe ohùn kan náà léraléra. Ẹ tẹ Caps Lock, kí ẹ wo iná rẹ̀ tí kíbọ́ọ̀dù yín bá ní in. Tí iná yẹn ò bá tàn tí kò sì kú, kọ̀ǹpútà yẹn ò gbọ́ yín mọ́ rárá nìyẹn. Ètò kan ṣoṣo kì í sábà lágbára tó láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fura sí: ooru, ráàmù, iná tí kò dúró déédéé, tàbí dírẹ́fà, ìyẹn ètò kékeré tó ń darí ẹ̀yà kan nínú ẹ̀rọ, bí awakọ̀ ṣe ń darí mọ́tò.

Ìyá kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù táìpù àti fọ́tókọpì. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló ń lò, iṣẹ́ oníbàárà ọdún 7 ló sì wà lórí ẹ̀. Wọ́n ti fọ́máàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí ọmọ wọn ti da fáìlì kọ sórí fláàṣì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, fíríìsì náà padà dé, oníṣẹ́ sì ní kí wọ́n tún fọ́máàtì. Mo ní, “Ẹ dúró ná, Mà. Ìgbà wo ló máa ń dúró?” Wọ́n ní tí àwọn bá tàn án láàárọ̀, á lo bíi ìṣẹ́jú 25. Tí àwọn bá tún un tàn lójú ẹsẹ̀, kì í lò tó 5. Ṣùgbọ́n tí àwọn bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, á tún lo 25.

Ṣé ẹ rí i? Àìsàn Windows kì í mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ti sinmi. Ooru ló mọ̀ ọ́n.

Ká má báa máa méfò, a tàn án, a ń tẹ Delete títí tó fi wọ ojú ewé BIOS. (F2 ni fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn.) Windows ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá níbẹ̀. A fi í sílẹ̀ síbẹ̀, a ń wo ibi tó ń kọ ooru ọpọlọ kọ̀ǹpútà sí. Ó kúrò ní 55, ó dé 80, ó kọjá 95, ó sì dúró gbagidi. Windows ò sí níbẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ̀bi? A pa á, a yọ okùn iná, a ṣí i: eruku ọyẹ́ ti di bíi òwú mọ́ fáànù lára. A di fáànù náà mú kó má yí, a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, a sì pààrọ̀ ọ̀dà tó ń gbé ooru jáde lábẹ́ rẹ̀. Ooru rẹ̀ ò kọjá 50 nínú BIOS mọ́. Fáìlì kan ṣoṣo ò sọnù.

Ṣùgbọ́n o, tí kò bá dúró nínú BIOS, ìyẹn ò tíì dá ẹ̀rọ láre, torí BIOS kì í lò ó lálòle. Tí fíríìsì náà ò bá sì ní àsìkò kan pàtó, ráàmù ni kí ẹ dán wò. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ èyí:

```
mdsched.exe
```

Á pa ara rẹ̀, á tan ara rẹ̀, á yẹ ráàmù wò, á sì sọ bó bá rí àléébù. Tí ráàmù bá jẹ́ méjì, ẹ ní kí oníṣẹ́ yọ ọ̀kan kó tún dán an wò, ẹ ó mọ èyí tó bàjẹ́.

Ó ku búlúù sukúríìnì. Èyí máa ń já ọ̀pọ̀ láyà, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀ jù. Windows fúnra rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ dúró, kó má báa ba fáìlì yín jẹ́. (Láti ọdún 2025, ó ti di dúdú lórí Windows 11 tuntun. Ohun kan náà ni.) Ní July 19, 2024, fáìlì kan tí ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà dákú báyìí káàkiri ayé, Microsoft ló ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ wọn ò ní àléébù kankan. Wọ́n yọ fáìlì yẹn, wọ́n dìde.

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Orúkọ tó wà níwájú “Stop code” ni mo fẹ́ rí, bíi MEMORY_MANAGEMENT. Tí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .sys bá wà níbi “What failed”, dírẹ́fà ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré kì í ṣe àìsàn. Tó bá jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ronú ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sórí rẹ̀ tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ ọn. Tó bá wá ń pe orúkọ ọ̀tọ̀ lójoojúmọ́, ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ráàmù. Ẹ fi fọ́tò náà sórí gúrúùpù, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì kí n tó dáhùn.