Ẹni Tó Fèsì Ló Ni Ẹ̀fẹ̀

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ọ̀rẹ́ ṣe ń fi ọ̀rẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ tí kì í fi í di èébú. Ẹ̀fẹ̀, àpárá, yẹ̀yẹ́, àwàdà, èébú: kò sí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò mọ̀ wọ́n yà sọ́tọ̀, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Ìdáhùn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Nínú ohun tí mo ti rí, ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu kò lágbára láti sọ pé eré ni ọ̀rọ̀ òun. Ọwọ́ ẹni tó máa fèsì ni àṣẹ yẹn wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná kí ó tó bọ́ lórí mi. Àṣà burúkú kan ti gbòde: ènìyàn á sọ ohun tó gún ẹlòmíràn lọ́kàn, ojú onítọ̀hún á yí padà, ẹni tó sọ̀rọ̀ á wá ní, “Eré ni mo ń ṣe o, àbí o kì í gba eré?” Èyí kò dára. Ó ti bú ẹlòmíràn, ó tún ń dá a lẹ́bi pé ó mọ̀ ọ́n lára. Mo ń rí i láàárín ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo sì ń rí i láàárín àwa àgbà tó yẹ kí a ti gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àríyànjiyàn tí kò tán bọ̀rọ̀

Ní 1940, A. R. Radcliffe-Brown, ọ̀mọ̀wé nípa àṣà àti ìbátan, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí àwọn ènìyàn tí àṣà fún láyè láti máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọ̀kan lè fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ jẹ́ dandan, èkejì kò sì gbọdọ̀ bínú. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn ará Màlì mu. Níbẹ̀, bí Traoré bá pàdé Diarra, bí wọn kò tilẹ̀ ríra rí, ó lè pè é ní ajẹ̀wà lójú ọjà, ẹ̀rín ni yóò sì bá a rín. Nílé wa níbí, bẹ́ẹ̀ náà ni Fúlàní àti Kànúrí ṣe ń ṣe fún ara wọn. Orúkọ ìdílé tàbí ẹ̀yà ló fún wọn láyè. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀rẹ́ méjì ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí orúkọ tó lè fúnni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọdún tí a jọ lò ló ń fúnni, ó sì lè gbà á padà lọ́jọ́ kan.

Ẹni tí èmi àti àwọn akẹgbẹ́ mi ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín ara wa láti ìgbà tí orí mi ti dúdú ni William Labov. Ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ní Harlem, ní Niú Yọ́ọ̀kì, ó sì tẹ ohun tó rí lórí eré èébú wọn jáde ní 1972. Ìyá ẹnìkejì ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sábà máa ń fi ṣeré. Labov rí i pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ eré, ọ̀rọ̀ eré mìíràn ni yóò tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọni lára, ńṣe ni ẹni tí a sọ ọ́ sí yóò sẹ́, tàbí kí ó máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Èyí, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó tún ní kí ó tó lè jẹ́ eré, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́ tí gbogbo ẹni tó wà níjókòó mọ̀ sí irọ́. Èyí ni n kò gbà, ó kéré tán fún àwa. Àwọn akẹgbẹ́ mi tó gbà á, inú ìwé ni wọ́n ti gbà á. Bí wọ́n bá jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré, wọn ì bá ti gbọ́ pé òótọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ara wọn. Ìyá tí àwọn ti Harlem sì fi ń ṣeré, ẹ fi ẹnu kàn án láàárín wa, kí ẹ wo bí ìjà yóò ṣe bẹ́.

Ilé kan ní Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ti gbọ́ ọ rí. Ẹ fara dà á, n kò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ. Àwa mẹ́ta ni, a jọ jáde ilé-ìwé girama. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ó ń gbé ní Mọ́kọ́lá. Èkejì jẹ́ ọmọ Iléṣà, bàbá rẹ̀ sì ṣe òṣómàáló ní tòótọ́: ó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, ó ń tà á láwìn, bí oṣù bá sì pé tí owó kò jáde, á lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí owó yóò fi dé. Ẹ rántí pé òótọ́ ni èyí, kì í ṣe irọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí ará Iléṣà ṣe yọjú lẹ́nu ọ̀nà, onílé kígbe sí ìyàwó rẹ̀ pé:

“Òṣómàáló dé o! Má wulẹ̀ gbé àga, kò ní jókòó. Ó fẹ́ lóṣòó ni.”

Ará Iléṣà kò sẹ́. Kò sọ pé iṣẹ́ bàbá òun kì í ṣe iṣẹ́ òun. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó lóṣòó lóòótọ́, ó ní:

“Aṣọ tí o wọ̀ sọ́rùn yẹn, àwa la tà á fún ọ, o kò tíì san án tán. N ó lóṣòó síbí títí àmàlà yóò fi jinná. Èlé orí owó nìyẹn.”

“Àmàlà kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ju iyán lọ? Ta ni yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń da gbẹ̀gìrì pọ̀ mọ́ ewédú?”

“Ìwọ ni yóò kọ́ mi. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán tí n kò mọ̀ ọ́n, wàá tún un bù, kí n tún un kọ́.”

Ẹ wo iṣẹ́ tí àwọn ìdáhùn wọ̀nyẹn ṣe. Wọ́n pè é ní òṣómàáló, ó gbà, ó sì fi kún un: ó ní gbèsè ń bẹ nílẹ̀ lóòótọ́, onílé ló sì jẹ ẹ́. Wọ́n ní kò mọ àmàlà, ó gbà, ó sọ àìmọ̀ rẹ̀ di ọ̀nà àtijẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò padà sẹ́yìn rí, bẹ́ẹ̀ ni kò wá ọ̀rọ̀ tó burú ju ti onílé lọ láti fi gbẹ̀san. Orí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: gbèsè àti oúnjẹ. Ẹni tó fi orí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tó lọ fa ohun mìíràn yọ látinú ìgbésí ayé ẹnìkejì, ó ti ń wá ohun ìjà.

Àbúrò kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ará àdúgbò tí kò tíì ju ìgbà díẹ̀ lọ tó ti wá sọ́dọ̀ wa. Ó rí i pé ẹ̀rín pọ̀, òun náà fẹ́ dá sí i. Ó ní, “Ẹ ṣọ́ra fún bọ̀dá yìí o, ọ̀dọ̀ tiwọn, wọ́n mọ owó gbà, wọn ò mọ̀ ọ́n san!”

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ará Iléṣà ti yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́dún yẹn, owó sì ti há. Gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀rẹ́ wa nàró láti ìlóṣòó, ó ní, “Èmi ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó.”

Ẹ gbọ́ ọ: ó sẹ́. Bí ẹ bá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn sílẹ̀, gbólóhùn yìí nìkan ni kò ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Níbẹ̀ ni Labov ti jàre. Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó: ti òṣómàáló jẹ́ òótọ́, ó sì pa wá lẹ́rìn-ín, ti gbèsè yìí náà kan òótọ́, ó sì dun ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí. Nítorí náà kì í ṣe irọ́ tàbí òótọ́ ló ya eré sọ́tọ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni bóyá ẹni tí a sọ ọ́ sí lè fi tirẹ̀ kún un. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ti jinná lọ́kàn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn rẹ̀ fún wa nílé-ìwé. Owó alájẹṣẹ́kù ṣì gbóná, kò sí ohun tó lè fi kún un.

Onílé ló tún ọ̀rọ̀ ṣe, ọgbọ́n tó sì lò ni mo fi fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí tó bẹ́ẹ̀. Kò bá àbúrò yẹn wí lójú gbogbo wa. Kò sì sọ pé eré ni. Ó ní, “Ta ní ń bi olówó léèrè gbèsè? Èmi ni mo jẹ ẹ́ ní àmàlà. Lóṣòó padà, jàre, kí n lọ san án.” Ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Ó dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà sípò ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, níbi tó ti ń jẹgàba tẹ́lẹ̀. Ará Iléṣà dúró díẹ̀, ó lóṣòó, ó ní, “Fi ẹran sí i, èlé ti gorí èlé.” Nígbà náà ni ara wa tó balẹ̀.

Ohun tí a kì í fọwọ́ kàn

Wọ́n ti fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi pé àkókò ń lọ, n ó yára. Oúnjẹ, ìlú ẹni, oorun àti híhanrun, ijó tí kò bá ìlù mu, ahun níbi ọtí: ọ̀rẹ́ máa ń gba ẹ̀fẹ̀ lórí ìwọ̀nyí láìṣòro. Àìrọ́mọbí, àìsàn, àbùkù ara, òkú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú àti ìyá ẹni, a kì í fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹ̀fẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ gbà lọ́wọ́ rẹ nídìí ayò, kò ní gbà á níwájú àna rẹ̀, níwájú ọmọ rẹ̀ tàbí níwájú ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ kò láyè láti fèsì bó ṣe fẹ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti kọjá àyè

Ọ̀rẹ́ tó fara gbọgbẹ́ kì í fìgbà gbogbo sẹ́ bíi ti ará Iléṣà. Ẹ fetí sí bó ṣe ń pè yín. Bí ẹni tó ń sọ “o” sí ọ láti ọjọ́ yìí bá yí padà tó ń sọ “ẹ” láìrẹ́rìn-ín, tàbí tó fi ìnagijẹ rẹ sílẹ̀ tó pe orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́, o ti tẹ ibi tí kò yẹ. Dá ọ̀rọ̀ náà dúró níbẹ̀. Tí ó bá ku ẹ̀yin méjì, sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ, kí o má sì ṣàlàyé ohun tí o ní lọ́kàn. Ẹ̀fẹ̀ mìíràn, òun ni kí o jẹ́ kó kọ́kọ́ dá a.

Alága, mo rí yín tí ẹ ti dìde. Ìbéèrè ló kù, mo sì wà nílẹ̀ fún un.