Ẹ Wọn Ẹsẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó Bàtà

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)



Bí a bá lọ sí ọjà Tẹ́júọ́ṣó ní Yábà, a ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà wò kí a tó sanwó. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ló ń ra bàtà iṣẹ́ lórí fóònù báyìí. Ohun tí ọlọ́jà kọ sábẹ́ àwòrán nìkan la rí: “42, 28 cm, PU.” Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹsẹ̀ yín. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nítorí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ iṣẹ́, ẹ dúró lórí bébà, kí gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹ sì fàlà síbi tí ìka tó gùn jù dé. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ wọ̀n. Èyí tó gùn jù ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ká ní ẹsẹ̀ ọ̀tún awakọ̀ kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 26.4, tòsì sì jẹ́ 26.8. Ó yẹ kí àyè tó sẹ̀ǹtímítà 1 wà níwájú ìka, ìyẹn 27.8. Nínú nọ́ńbà àwọn ará Yúróòpù, 41 jẹ́ nǹkan bíi 27.3 nínú, 42 sì jẹ́ 28. Àárín méjèèjì ló bọ́ sí. 42 ni kó rà. Awọ lè fẹ̀ díẹ̀ bó bá pẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gùn, irin orí bàtà kì í sì í yẹ̀ rárá. Bí gìgísẹ̀ bá ń yọ̀ díẹ̀, kó fi tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ inú rẹ̀, kó sì so okùn rẹ̀ dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra o! Ẹ bi ọlọ́jà pé: “28 yìí, gígùn inú bàtà ni, àbí gígùn ẹsẹ̀ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́?” Bó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀, bàtà náà yóò tóbi ju ti awakọ̀ wa lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn àtẹ́lẹ̀ ló wọ̀n, iye náà kò wúlò.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ kò gbọdọ̀ ra bàtà gígùn torí àtirí àyè. Ibi tí bàtà ti ń tẹ̀ kò ní bá ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ mu. Kó wá èyí tó fẹ̀: nínú lẹ́tà àwọn ará Bìrìtéènì, H fẹ̀ ju G lọ.

Ó ku àtẹ́lẹ̀. PU fúyẹ́, ó sì rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin a máa jẹ ẹ́, àní bó wà nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́. Bàtà tó ti pẹ́ ní sítọ́ọ̀ lè máa dán lójú, kí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì fọ́ bíi búrẹ́dì lọ́sẹ̀ kìíní. Nítorí náà, ẹ bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Bó bá dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹni tó gbé e wá tó lọ. Bó bá sán tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ dá a padà.