Lẹ́tà Tó Ń Mú Àwòrán Ayédèrú Kúrò
Obìnrin kan rí ojú ara rẹ̀ lórí ìhòòhò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi so ó mọ́ fọ́tò rẹ̀. Ìwà ìkà gbáà ni. Kí ni kó kọ sí iléeṣẹ́ tó ń gbé àwòrán náà síta? Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún 2025 sọ pé wákàtí 48 ni irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti yọ ọ́, bí lẹ́tà náà bá pé. “Ó wà lójú òpó yín” kò tó. Kó da àdírẹ́sì ojú ìwé náà kọ látòkèdélẹ̀, kó sọ ní ṣókí pé òun kò fọwọ́ sí i, kó fi nọ́ńbà tàbí ímeèlì rẹ̀ sí i, kó sì buwọ́ lù ú.

Kó tó fi ránṣẹ́, kó kọ́kọ́ ya ojú ìwé náà pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tó rí i, torí bí wọ́n bá yọ àwòrán, ẹ̀rí lè bá a lọ. Òfin ní kí iléeṣẹ́ wá ẹ̀dà tó bá a mu rẹ́gí pẹ̀lú, àmọ́ èyí tí wọ́n gé létí lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, gbogbo àdírẹ́sì tó bá rí ni kó kọ sínú lẹ́tà náà.