Ìlérí Kọ́ Ni Owó

Ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí ẹ kúrò ní Adéníji Adélé wá fi London ṣe ilé, Ọba Musendiku Adéníji Adélé Kejì, tó jọba Èkó láti 1949 di 1964, ni òpópónà wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ náà bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ẹgbẹ́ kékeré, tó ń jẹun lára owó oṣù àti ìtọrẹ, ṣe lè to ètò ìṣúná ọdún kan. Ọ̀nà tí a fi lè tò ó kò le. Ohun tó ń ba ètò wa jẹ́ lọ́dọọdún ni mo fẹ́ dúró lé lórí: à ń ka ìlérí mọ́ owó.

Àwọn ìyá wa ní Ìdúmọ̀tà àti Ẹ̀bùté Erò kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nínú èsúsú, iye kan náà ni gbogbo wọn ń dá, ẹni tó kàn ló ń kó o. Owó tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni olórí èsúsú ń kà lé ẹni náà lọ́wọ́. Kò sí olórí tí yóò ka ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí kò tíì dá tirẹ̀ mọ́ owó náà, nítorí ọjọ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni èsúsú náà máa tú. Ìlànà yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọjá òkun: àwọn ará Tirinidáàdì ṣì ń pe tiwọn ní súsú títí dòní. Kí ló wá dé tí àwa tí a ní in fi dé gbọ̀ngàn ìlú òyìnbó tí a gbàgbé rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ 60 ni wọ́n, oníkálùkù ní láti san £10 lóṣù. Lórí ìwé, £7,200 ni yóò wọlé lọ́dún. Iye yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń kọ sí òkè ètò ìṣúná wọn, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ sì wà. Kí akápò kọ́kọ́ gbé ìwé báńkì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wá, kó ro iye owó oṣù tó wọlé lóòótọ́ ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó bá £5,400, £5,250 àti £5,000. Ọdún tó kéré jù ni kó mú, kì í ṣe ọdún tó dùn jù. £5,000 ni owó ẹgbẹ́ yìí. £2,200 yòókù jẹ́ gbèsè tí a óò máa bá àwọn ènìyàn wa sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò sí ààyè fún un nínú ètò.

Lẹ́yìn èyí ni ìnáwó tí kò ṣeé yẹ̀. Gbọ̀ngàn ìpàdé ní £120 lóṣù jẹ́ £1,440. Owó ìbánigbófò jẹ́ £260. Ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò, pẹ̀lú ìwé àti ìránṣẹ́, £300. Ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún, £1,500. Fún ọ̀fọ̀ àti àìsàn, kí a má ṣe dédé fojú díwọ̀n: ẹ ka iye ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ mú ọdún tó pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀márùn-ún, tí a sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní £200, £1,000 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £4,500. Ó ku £500, a ó fi í pamọ́. Ìnáwó oṣù mẹ́ta, tí í ṣe £1,125, ló yẹ kó wà nípamọ́ kí ọkàn ẹgbẹ́ tó balẹ̀. Báyìí, yóò gbà wá tó ọdún méjì àti díẹ̀. Ó pẹ́, àmọ́ òótọ́ ni.

Ẹ kíyè sí i pé ìtọrẹ kò tíì wọ inú ìṣirò yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ náà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo ń wí nìyẹn. Owó oṣù ni kó gbé ilé ẹgbẹ́ ró. Ìtọrẹ ni kó ṣe iṣẹ́ àkànṣe. Ìwé méjì ni kí wọ́n wà, báńkì méjì bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó dá owó fún tábìlì àti àga ilé ẹ̀kọ́ kan ní Adéníji Adélé kò dá a fún owó gbọ̀ngàn wa, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì gba ẹgbẹ́ àánú láyè kó ṣàdédé fi owó tí wọ́n dá fún iṣẹ́ kan ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ìwé kẹta wà, ti ìlérí: orúkọ, iye, ọjọ́ tí ó ní òun yóò san. Ìlérí kò gbọdọ̀ kúrò nínú ìwé yẹn àfi lọ́jọ́ tí báńkì bá fi hàn pé owó ti dé.

Ẹ wo ohun tí à ń ṣe dípò èyí. Alẹ́ lọ́ńṣíìnì, ìlù ń dún, ẹnì kan gba máìkì, ó ní £2,000. Òmíràn ní òun yóò jù ú lọ. Ká tó ṣí kúrò níbẹ̀, £10,000 ti pé lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì a fún káfíńtà ní Èkó ní owó ìbẹ̀rẹ̀ láti inú owó oṣù, a ní ìlérí yóò dí i padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, £3,800 ló dé. Àga dúró lábẹ́ òrùn láìní ẹsẹ̀, onígbọ̀ngàn ń kọ lẹ́tà sí wa, owó ọ̀fọ̀ sì ti tán nígbà tí ìyá ọmọ ẹgbẹ́ kan kú. Kì í ṣe olè ló fa èyí. Ìṣirò tí kò dúró ló fà á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú gbọ̀ngàn yìí máa ń sọ pé ètò kékeré kì í mú ọkàn àwọn olówó wú, pé iye ńlá ló ń mú wọn gbọ́wọ́ sókè. Òótọ́ wà níbẹ̀, ẹ sì lè polongo iṣẹ́ ńlá bí ó ti wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ pín in sí ìpele: ìpele àkọ́kọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ kí owó rẹ̀ tó pé ní báńkì. Àwọn mìíràn á ní bí a bá ń béèrè ìlérí, a ń dójú ti ènìyàn. Ta ló dójú ti ta, ẹni tó béèrè, àbí ẹni tó gba àtẹ́wọ́ fún owó tí kò san? Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó wá sọ fún akọ̀wé owó, kí a pa ìlérí rẹ̀ rẹ́ láìsí ariwo. Ẹni tó ní i tí kò san, tó tún fẹ́ gba máìkì lọ́dún yìí, ẹ má gbé e fún un!

Àwọn tó sì ń sọ pé ẹni tó ń béèrè ìwé owó kò fẹ́ràn ẹgbẹ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìwé owó ló ń kìlọ̀ fún wa kí nǹkan tó bàjẹ́. Ní ìparí oṣù kẹta, ẹ fi ohun tó wọlé wé ti ìparí oṣù kẹta ọdún tó kọjá, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọdún, nítorí àwọn ènìyàn wa máa ń san jù nígbà tí ìpàdé ọdọọdún bá kù fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ £900 lọ́dún tó kọjá, tí ó jẹ́ £650 lọ́dún yìí, ẹ dín ayẹyẹ kù nígbà náà, ẹ má dúró di oṣù kẹwàá. Akápò wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde. Ẹ ka iye tó wà ní báńkì lánàá sí wa létí, lẹ́yìn náà kí ẹ ka ìwé ìlérí láti òkè dé ìsàlẹ̀.