Ibi Tí Ọjọ́ Kan Parí Sí: Ìwé Ẹja Ẹ̀pẹ́ Lórí Dáṣíbọọ̀dù

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo bá wá, àti ọ̀rọ̀ ìwé tí a ń kọ ẹja sí.

Ẹni tí ó bá ti dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ mọ bí ẹja ṣe ń ti inú ọ̀sà bọ́ sórí àtẹ, tí mọ́tò sì ń kó o gba Ìtóìkín lọ sí Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja kan ń fi fóònù kọ títà wọn sílẹ̀: irú ẹja, ìwọ̀n kílò, iye owó, àti ìṣẹ́jú tí wọ́n tà á gan-an. Gbogbo rẹ̀ ń wọ inú tábìlì kan nínú dátábéèsì. A ó pe tábìlì náà ní `tita`, a ó sì pe òpó tí ó ń gba àkókò ní `akoko`. Ìyá ẹgbẹ́ wá ní òun ń fẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Bí awakọ̀ ṣe ń wo iwájú rẹ̀ tí ó sì mọ iye epo tó kù, bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ kí gíráàfù fi títà han òun. Lókè gíráàfù ni àpótí méjì wà: láti ọjọ́ wo, títí di ọjọ́ wo. Asẹ́ ọjọ́ nìyẹn.

Yíya gíráàfù kì í ṣe ìṣòro. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ bí `Chart.js` yóò yà á ní kíákíá. Inú àpótí méjì yẹn ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí, nítorí pé èèyàn àti kọ̀ǹpútà kì í ka ọjọ́ bákan náà.

Nígbà tí Yorùbá bá sọ pé ìjẹta, ó ti ka òní mọ́ ọn: òní, àná, ìjẹta, ó di mẹ́ta. Ọjà tí ó ń ná lọ́rọọrún, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó wà láàárín ọjà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n a ka ọjọ́ ọjà méjèèjì, ó di márùn-ún. Àwa máa ń ka ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ìyá ẹgbẹ́ bá yan ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2024, ọjọ́ méje gbáko ni ó ń béèrè. Wàyí o, ẹ wo ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń kọ:

```sql
WHERE akoko BETWEEN '2024-07-01' AND '2024-07-07'
```

Ó dà bí ẹni pé ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n `akoko` ní wákàtí àti ìṣẹ́jú nínú, nítorí náà agogo 12 òru, ìgbà tí ọjọ́ 7 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ni kọ̀ǹpútà gbà pé `'2024-07-07'` jẹ́. Ẹja tí wọ́n tà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án ọjọ́ náà ti bọ́ sẹ́yìn asẹ́. Gíráàfù kò ní kígbe. Yóò kàn fi ọjọ́ mẹ́fà hàn, ẹni tí kò bá sì kà á kò ní mọ̀. Bí ẹ ṣe lè mú un rèé: ẹ fi ọjọ́ kan náà sínú àpótí méjèèjì, ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 7. Bí gíráàfù bá ṣófo, tí ẹ sì mọ̀ pé ọjà ná lọ́jọ́ náà, ẹ ti rí i.

Àṣìṣe kejì fara sin ju èyí lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 ni aago Nàìjíríà ti fi wákàtí kan ṣáájú aago Gíríníìṣì. UTC, tí ó bá aago Gíríníìṣì yẹn mu, ni ọ̀pọ̀ sáfà sì ń lò. Bí oníbàárà kan bá ra 40 kílò ẹja ní agogo 12 kọjá ìṣẹ́jú 30 òru ọjọ́ 1 oṣù Keje, kí ó lè bá ọjà àárọ̀ ní Ìkòròdú, agogo 11 kọjá ìṣẹ́jú 30 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni lójú sáfà. Ẹja oṣù Keje ti wọ ìṣirò oṣù Kẹfà nìyẹn. Akọ̀wé owó yóò wá máa bá ìyá ẹlẹ́ja jà pé ìwé rẹ̀ kò bá ti kọ̀ǹpútà mu, bẹ́ẹ̀ ìwé ìyá ni ó tọ̀nà. Ó dùn mí gan-an tí wọ́n bá da irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ lé ẹni tí kò jẹ̀bi lórí. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé méjèèjì bá ṣe déédéé pẹ̀lú títà wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn agogo 12 òru, ẹ má wá ẹ̀bi síbòmíràn.

Báyìí ni a ṣe ń tún méjèèjì ṣe pọ̀ nínú PostgreSQL:

```sql
SELECT (akoko AT TIME ZONE 'Africa/Lagos')::date AS ojo,
       sum(kilo) AS kilo
FROM tita
WHERE akoko >= timestamp '2024-07-01' AT TIME ZONE 'Africa/Lagos'
  AND akoko <  timestamp '2024-07-08' AT TIME ZONE 'Africa/Lagos'
GROUP BY ojo
ORDER BY ojo;
```

Irú òpó `timestamptz` ni `akoko` gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èyí tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọjọ́ 7 ni ìyá ẹgbẹ́ yàn, àwa fi ọjọ́ kan kún un, a sì ní kí àkókò má dé ọjọ́ 8. Ẹ tún wò ó pé ọjọ́ tí ó yàn ni a yí padà lẹ́yìn `WHERE`, a kò fọwọ́ kan `akoko` níbẹ̀. Tí a bá lọ yí òpó náà padà níbẹ̀, atọ́ka tí a ṣe sórí rẹ̀ kò ní wúlò mọ́, dátábéèsì yóò sì máa ka gbogbo ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọjọ́ tí kò sí títà kankan ńkọ́? Kò ní ìlà nínú tábìlì, nítorí náà kò ní jáde rárá, gíráàfù yóò sì fa okùn tààrà láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 5 bí ẹni pé kò sí ọjọ́ 4. Ẹ fi `generate_series` to gbogbo ọjọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi `LEFT JOIN` so títà mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kánjú sọ gbogbo àlàfo di òdo. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ta ẹja yàtọ̀ sí ọjọ́ tí fóònù akọ̀wé kú.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, ìwé àwọn òyìnbó kì í sábà sọ ọ́, nítorí pé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni wọ́n fi ń ronú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọjà kan ń ná lọ́rọọrún, ó ná ní ọjọ́ 1, 5, 9, 13, 17, 21 àti 25, wọ́n sì ń ta 600 kílò ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ọjọ́ méje-méje pín in, ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkejì àti ìkẹta yóò ní ọjà méjì-méjì, 1,200 kílò. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, láti ọjọ́ 22 sí 28, ọjọ́ 25 nìkan ni ó ní, 600 kílò. Gíráàfù yóò já wálẹ̀ dé ìdajì, ẹni tí kò mọ ọjà yóò sì sọ pé ẹja ti tán nínú ọ̀sà. Ẹja kò tán o. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ẹ lò: ibi yòówù tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọjà méje ni yóò wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi bọ́tìnì ọjọ́ 28 sórí dáṣíbọọ̀dù irú ọjà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì yọ ti ọjọ́ 7 kúrò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí fún àwọn ìyá wa, kí ẹ tó fi gíráàfù kankan hàn wọ́n, ẹ tọrọ ìwé àtijọ́ wọn. Ẹ mú ọjọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, kí ẹ yàn án nínú àpótí méjèèjì, kí ẹ sì fi kílò inú ìwé wé ti gíráàfù lójú wọn. Bí kò bá dọ́gba, ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín.